Mo fẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kílíníkì wa bí a ṣe ń ka dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀: ẹ bá mi yẹ ètò yìí wò

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí ní kílíníkì kan ní agbègbè Ìbàràpá. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì méjì, òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè mẹ́rin, ẹnì kan ní láàbù, ẹnì kan níbi tí a ti ń gba oògùn, ẹni méjì ní yàrá káàdì, àti bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fún wa ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí DHIS2, ètò tí a fi ń kó àkọsílẹ̀ ìlera jọ, wà lórí rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, akọ̀wé yàrá káàdì á ka iye àwọn tó wá gba ìtọ́jú lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú rẹ́jísítà, á fi sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, gíráàfù á sì jáde lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Kíka gíráàfù yẹn ló dìṣòro. Ẹ wo iye àwọn tó wá ní ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 ọdún 2024:

Ọ̀sẹ̀ 12, èèyàn 150. Ọ̀sẹ̀ 13, èèyàn 116. Ọ̀sẹ̀ 14, èèyàn 132. Ọ̀sẹ̀ 15, èèyàn 70. Ọ̀sẹ̀ 16, èèyàn 110.

Nígbà tí ọ̀gá tó máa ń wá bẹ̀ wá wò rí 70 yẹn, ó bá wa wí gan-an. Ó ní a ń lé àwọn aláìsàn sá. Nígbà tó di 110 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pàtẹ́wọ́ fún wa, ó ní ìbáwí ti ṣiṣẹ́. Inú àwọn ọmọbìnrin inú kílíníkì dùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí mi ò rí ohun tí a yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan ààbọ̀. Ètò tí mo kọ́kọ́ kọ rèé: ogún ìṣẹ́jú láti ṣàlàyé DHIS2 àti bọ́tìnnì inú rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú lórí oríṣi gíráàfù, ogún ìṣẹ́jú lórí ohun tí a ń pè ní ìlọsókè àti ìlọsílẹ̀, kí ìbéèrè gba ìyókù. Ẹ bá mi tún un ṣe.

Kíláàkì Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ní tèmi, ohun kan péré ni kí ẹ kọ́ wọn: kí wọ́n má fi ọ̀sẹ̀ yìí wé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí wọ́n fi wé ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún tó kọjá. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ibà á pọ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, ikọ́ á pọ̀. Tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ 15 ọdún 2024 wé ọ̀sẹ̀ 15 ọdún 2023, ẹ ti yọ ti òjò àti ọyẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ó tán.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Mo ṣiṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Kíláàkì, òótọ́ ni ohun tí o sọ nípa òjò àti ọyẹ́. Ṣùgbọ́n wo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Àǹtí kó wá yìí dáadáa. Ọ̀sẹ̀ 15 ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin. Ọjọ́rú, ọjọ́ 10, ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí, ìjọba sì fún wa ní ọlidé ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 16. Ìdí ni pé oṣù ojú ọ̀run ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka ọdún, ọdún tiwọn sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti kàlẹ́ńdà. Àjíǹde náà kì í dúró sójú kan. Bí o bá fi ọ̀sẹ̀ 15 wé ọ̀sẹ̀ 15, ọ̀sẹ̀ tí ọlidé jẹ ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ lo fi wé ọ̀sẹ̀ tí Mọ́ńdè Àjíǹde nìkan gba ọjọ́ kan nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ kí a tó sọ̀rọ̀ ètò. Nínú ọ̀sẹ̀ márààrún yẹn, ọjọ́ mélòó ni ẹ ṣí kílíníkì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan?

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì la máa ń ṣí. Ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ márùn-ún pé. Ọ̀sẹ̀ 13, ọjọ́ mẹ́rin, nítorí Gúúdù Fúráìdeè tó bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Ọ̀sẹ̀ 14, ọjọ́ mẹ́rin, nítorí Mọ́ńdè Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ 15, ọjọ́ méjì péré, Ajé àti Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ 16, ọjọ́ márùn-ún pé.

Ah. Mo ti ń rí ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Pín in. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o pín in, má jẹ́ kí n bá ọ pín in. Tí ẹ bá ní Ẹ́sẹ́ẹ̀lì lórí kọ̀ǹpútà, iye àwọn tó wá á wà ní ìlà B, iye ọjọ́ tí ẹ ṣí á wà ní ìlà C:

```
=B2/C2
```

Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, bírò àti ìwé tó.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Mo ti pín in. Ọ̀sẹ̀ 12, ọgbọ̀n èèyàn lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 13, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ 14, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ 15, márùndínlógójì. Ọ̀sẹ̀ 16, méjìlélógún.

Ọlọ́run mi. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ bá wa wí ni èèyàn pọ̀ jù lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa ni èèyàn dín kù jù lọ.

Ọmọ Ọjà, Èkìtì

Ẹ dúró díẹ̀, ẹ má tíì gba márùndínlógójì yẹn gbọ́ tán. Nínú 70 yẹn, ṣé gbogbo wọn ló wá ní Ajé àti Ẹtì? Ní tiwa, lọ́jọ́ ọlidé, àwọn tí nǹkan ń ṣe gidi ṣì máa ń wá kan ilẹ̀kùn, a sì máa ń kọ wọ́n sínú rẹ́jísítà kan náà.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti lọ wò ó. Ẹni mẹ́fà ló wá láàárín Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ọlidé yẹn. Tí mo bá yọ wọ́n, 64 ló kù fún ọjọ́ méjì, ìyẹn méjìlélọ́gbọ̀n lójúmọ́.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Ọmọ Ọjà, o ṣeun, ìwọ lo rí i, èmi ò rí i. Ẹ wá wò ó báyìí: ọgbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ò yí padà rárá. Kílíníkì tó ń rí nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn lójúmọ́ á máa lọ sókè, á máa lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìnídìí. Ẹni tó bá ń wá ìdí fún gbogbo rẹ̀ á kàn máa fi ara rẹ̀ ṣòfò. Méjìlélógún ti ọ̀sẹ̀ 16 nìkan ló yẹ ká bi léèrè ìdí.

Kí a sọ òótọ́, pípín yìí náà ní ibi tó mọ. Lẹ́yìn ọlidé, àwọn tí wọ́n ti fara mọ́ àìsàn nílé máa ń ya wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí. Nítorí náà ọjọ́ kan lẹ́yìn ọlidé lè kún ju ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ lásán lọ. Kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ mọ èyí, kí wọ́n má bàa sọ pípín di òfin.

Ìyá Abẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tiwa ní Ìjẹ̀bú, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìyá ọmọ á kún títí dé ẹnu géètì. Ṣé kí a máa kà wọ́n mọ́ àwọn tó wá gba ìtọ́jú? Nítorí dáṣíbọ́ọ̀dù tiwa máa ń rí bákan lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì sọ ibi tí mo ti lè rí projẹ́kítọ̀ tí kò wọ́n rà, nítorí mo rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ṣeé ṣe láìsí i.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Ìyá Abẹ́rẹ́, rẹ́jísítà tiwọn yàtọ̀, kí wọ́n má ṣe dà á pọ̀. Bí ọmọ tó wá gba abẹ́rẹ́ bá ní ibà, tí nọ́ọ̀sì sì wò ó, nígbà náà ló tó wọ rẹ́jísítà àwọn aláìsàn pẹ̀lú, nítorí ohun méjì ló gbà lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ní nǹkan kan, ti abẹ́rẹ́ nìkan ni.

Ti projẹ́kítọ̀, kò sídìí. Káádíbọ́ọ̀dù funfun kan, máàkà aláwọ̀ méjì, àti rẹ́jísítà yín gan-an tó.

Tẹkí Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa ń bá àwọn kílíníkì kan tún DHIS2 ṣe, kí n sọ ohun mẹ́ta tí mo máa ń rí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Àkọ́kọ́, bí gíráàfù yín bá ní `This week` nínú, òpin ìlà náà á máa já wálẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí ọ̀sẹ̀ náà kò tíì tán. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rù á máa ba àwọn tí kò mọ̀. Ẹ yí i sí `Last 12 weeks`. Ọ̀sẹ̀ tó ti parí ni yóò máa fi hàn. Tí ẹ ò bá ní àṣẹ láti yí i, ẹ fi ìwé bo àmì tó gbẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn.

Èkejì, ohun tí ẹ bá tẹ̀ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí lè má tíì hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lónìí. Ẹ̀rọ ní láti kó gbogbo rẹ̀ jọ kó tó lè yà á, ọ̀pọ̀ ibi ló sì jẹ́ pé òru ló máa ń ṣe é. Mo ti rí akọ̀wé kan tó tẹ iye kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé gíráàfù ò yí padà. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ẹ̀kẹta ló ń dun mí jù. Bí DHIS2 ṣe wà láti ilẹ̀, kì í tọ́jú òdo àyàfi tí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bá sọ fún un pé kó máa tọ́jú rẹ̀. Bí kílíníkì kan bá kọ òdo, òfìfo ló máa ń hàn, òfìfo yẹn sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tí kò tẹ nǹkan kan rárá. Nítorí náà tí ẹ bá rí àlàfo lórí gíráàfù, ẹ má ṣe sọ pé ẹnikẹ́ni ò wá. Ẹ bi akọ̀wé léèrè.

Kíláàkì Ọ̀yọ́

Ó dáa, mo gbà lórí ti ọlidé. Ṣùgbọ́n ti òjò ṣì ń jẹ mí lógún. Ẹ ò lè fi ojúmọ́ kan oṣù Kẹfà wé ojúmọ́ kan oṣù Kìíní.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, o jàre. Tí o bá ní àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá, má fi ọ̀sẹ̀ kan wé ọ̀sẹ̀ kan. Mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó yí i ká lọ́dún tó kọjá, pín gbogbo rẹ̀ sí ojúmọ́, kí o wo ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Nígbà náà ọlidé kan ò ní lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ò tíì ní ọdún méjì nínú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, jẹ́ ká má gbé e síwájú wọn lónìí.

Ọmọ Ọjà, Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi wá. Kílíníkì wa kò jìnnà sí ọjà, ọ̀rọọ̀rún sì ni wọ́n ń ná ọjà náà. Ọjọ́ ọjà ni àwọn ará oko máa ń wá sọ́dọ̀ wa, torí pé wọ́n ti wà nílùú. Ọdún kan gbáko la fi ń wo gíráàfù wa tó ń ga lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí a ń wá àìsàn tó fà á. A ti fẹ́ sọ pé omi kànga ni.

Ìgbà tí mo jókòó ti kàlẹ́ńdà ni mo tó rí i. Ọ̀rọọ̀rún, bí a ṣe ń kà á nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, òmíràn á bọ́ sí Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú àti Àìkú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ó tún padà sí Ajé. Kílíníkì wa kì í ṣí ní Àbámẹ́ta àti Àìkú, nítorí náà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹyọ ọ̀sẹ̀ kan ní ọjà méjì nínú ọjọ́ iṣẹ́, mẹ́ta yòókù ní ẹyọ kan kan. Ọ̀sẹ̀ ọjà méjì yẹn ló ń ga.

Mo rò pé kí Àǹtí fi èyí sínú ẹ̀kọ́ rẹ̀: kí wọ́n yọ iye àwọn ará ọjà kúrò kí wọ́n tó pín in.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Ọmọ Ọjà, ohun tí o rí yìí jinlẹ̀, mo sì ti ń béèrè ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ gbogbo kílíníkì tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ yíyọ wọ́n kúrò. Báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó wá torí ọjà? Aláìsàn ni òun náà. Kí wọ́n fi máàkà pupa sàmì sí ọjọ́ ọjà lábẹ́ gíráàfù, kí ojú máa rí i, ó tó.

Ọmọ Ọjà, Èkìtì

Bàbá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n àmì lásán ò jẹ́ ká mọ bí ó ṣe tó. Mo ṣì rò pé ó yẹ ká pín ọjọ́ ọjà sọ́tọ̀, ká pín ọjọ́ lásán sọ́tọ̀, ká ní ìlà méjì. Ìlà kan á máa sọ ti ìlú, èkejì á máa sọ ti oko.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Ẹ̀yin méjèèjì, ọjà tiwa, ìsán-án ni, mi ò mọ̀ bóyá ó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọjà, Èkìtì

Ìsán-án, ọjọ́ mẹ́jọ ló wà láàárín. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á máa sún síwájú: Ajé lọ́sẹ̀ yìí, Ìṣẹ́gun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí dé Àìkú. Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé èyí tó bọ́ sí Àìkú kò ní ní ọjà rárá. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́ta ni ọjà kò ní bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ yín, àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn á sì tẹ̀ léra. Tí ẹ bá rí ìlà tó lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ wo ọjà.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sẹ̀ 16. Òun ló yẹ kó jẹ́ ọkàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí wọn fúnra wọn. Pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì ya àwọn tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó padà wá.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Mo ti ṣe é. Ajé, èèyàn 34. Ìṣẹ́gun, 31. Ọjọ́rú, 29. Ọjọ́bọ̀, 8. Ẹtì, 8.

Àwọn mẹ́jọ mẹ́jọ yẹn, tuntun ni gbogbo wọn. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tó padà wá ju àwọn tuntun lọ.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Ohun tí mo ń retí nìyẹn. Bí àwọn aláìsàn bá dín kù lóòótọ́, tuntun á dín, àwọn tó ń padà wá náà á dín. Kì í ṣẹlẹ̀ pé irú aláìsàn kan á wá bí ó ti ń wá, kí èkejì sì pòórá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé ló yí padà.

Má gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Lọ sí láàbù, kí o ka iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ibà ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Lẹ́yìn náà lọ sí ibi ìgba oògùn, ka iye àwọn tó gba oògùn. Bí iye kan nínú wọn bá ju mẹ́jọ lọ, rẹ́jísítà ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe ìlú.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Láàbù: Ọjọ́bọ̀, ẹni 11 ló ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹtì, ẹni 13.
Oògùn: Ọjọ́bọ̀, ẹni 27. Ẹtì, ẹni 25.

Mo ti béèrè ní yàrá káàdì. Ìyá akọ̀wé wa àgbà kú, ó lọ sìnkú láti Ọjọ́bọ̀. Ọmọ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló dúró dè é. Ọmọ náà rò pé ẹni tó bá gba káàdì tuntun nìkan ni wọ́n ń kọ sínú rẹ́jísítà, nítorí pé òun rí i tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà káàdì tuntun síbẹ̀. Àwọn tó padà wá, ó kàn ń fa káàdì wọn yọ, ó ń gbé e fún nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, tiwa ni.

Ṣé kí n kọ 27 àti 25 sínú tábúlẹ́ẹ̀tì?

Bàbá Alákọsílẹ̀

Rárá o. Ìwé oògùn jẹ́rìí pé àkọsílẹ̀ ò pé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni iye gidi. Àwọn kan ń wá tí wọn kì í gba oògùn. Káàdì ló mọ òtítọ́. Gbogbo káàdì tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn ní ọjọ́ 18 àti 19 oṣù Kẹrin á ní déètì lára. Kí ẹni méjì kó wọn sílẹ̀, kí wọ́n kà wọ́n, kí wọ́n fi bírò pupa kọ àwọn tó ṣẹ́ kù sínú rẹ́jísítà pẹ̀lú déètì òní àti àmì ọwọ́ wọn. Má pa ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Tẹkí Ògbómọ̀ṣọ́

Kí o tó tún un tẹ̀, wò ó bóyá ọ̀sẹ̀ yẹn ṣì ṣí. Lórí ọ̀pọ̀ ètò, wọ́n máa ń ti ọ̀sẹ̀ tó ti pẹ́ pa, ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló lè ṣí i. Lórí ẹ̀rọ, `2024W16` ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà míì, kó má bàa jẹ́ ọ̀sẹ̀ mìíràn lo máa tẹ̀ ẹ́ sí.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

A ti kà wọ́n. Ọjọ́bọ̀, èèyàn 28. Ẹtì, èèyàn 26. Ọ̀sẹ̀ 16 di 148, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n lójúmọ́.

Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo pín in tán. Ọ̀sẹ̀ márààrún, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá sí iye àwọn aláìsàn wa. Wọ́n bá wa wí nítorí kàlẹ́ńdà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa lọ́sẹ̀ tí ọmọ kan ò mọ àwọn tó yẹ kó kọ sínú rẹ́jísítà. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí pé wọ́n ti ń wò ó bíi pé ó bà wá jẹ́.

Mo ti tún ètò náà kọ. Bọ́tìnnì àti oríṣi gíráàfù ti kúrò. Ẹ wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, rẹ́jísítà la máa gbé sórí tábìlì, tábúlẹ́ẹ̀tì á wà nínú àpò. Ẹni méjì méjì á gba ojú ewé ọjọ́ kan, wọ́n á ka iye ìlà tó wà níbẹ̀, tuntun lọ́tọ̀, ẹni tó padà wá lọ́tọ̀. A ó fi iye wọn ya ọ̀pá sórí káádíbọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìlà tó wà lórí gíráàfù, èèyàn kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa ni. Mo fún un ní ìdajì wákàtí, nítorí pé bàbá ẹnu ọ̀nà náà á wà níbẹ̀, kò sì mọ̀wé púpọ̀. Òun ló máa ka ọjọ́ tí a ṣí, nítorí òun ló ń ṣí i.

Lẹ́yìn náà, mo máa fi ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 hàn wọ́n bó ṣe wà lórí ẹ̀rọ, 150, 116, 132, 70, 110. Mo máa ní kí kálukú kọ ohun tó rò sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà la ó gbé kàlẹ́ńdà wá, a ó pín in pọ̀. Mi ò ní sọ ti Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì fún wọn. Mo máa gbé ìwé láàbù àti ìwé oògùn síwájú wọn, kí wọ́n wá a fúnra wọn.

Ní ìparí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dúró, á fi ẹnu ara rẹ̀ ka ọ̀sẹ̀ tó kọjá bí yóò ṣe máa kà á ní gbogbo ọjọ́ Ajé: ọjọ́ mélòó la ṣí, èèyàn mélòó lójúmọ́, ṣé gbogbo ọjọ́ ló wà nínú rẹ́jísítà, ṣé ọjà bọ́ sínú rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣì ṣẹ́ kù lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà náà ni ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tàbí àìtó oògùn tàbí ìwà wa.

Ìyá Abẹ́rẹ́

Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ máa pe ọ̀gá yẹn wá?

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Mo ti ń rò ó. Tó bá wà níbẹ̀, ẹnu á wúwo fún àwọn ọmọ láti sọ ohun tí wọ́n rò. Tí kò bá sí níbẹ̀, á tún pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò yẹ.

Bàbá Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣe tiyín lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ yẹn ló máa fi káádíbọ́ọ̀dù náà ṣàlàyé fún ọ̀gá.

Kíláàkì Ọ̀yọ́

Bàbá, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọdé ni, ọ̀gá lè kà á sí àrífín. Kí Àǹtí sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Màá bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́. Ọjọ́rú la máa ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn aláboyún bá ti lọ. Mo ti ra káádíbọ́ọ̀dù méjì. Ọmọ Ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ọjà wa bọ́ sí gbẹ̀yìn ni Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹ bá mi ka ibi tí ó máa bọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ń bọ̀, kí n lè fi máàkà pupa sàmì sí i kó tó di Ọjọ́rú.

Ọmọ Ọjà, Èkìtì

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí ló tún bọ́ sí, Àǹtí. Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín gan-an ni. Lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní ọjà, Ajé, Ìṣẹ́gun. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ará oko gba gbogbo bẹ́ǹṣì mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí Ọjọ́bọ̀.